Bí A Ṣe Ń Ṣe Àtẹ Àkókò Oògùn fún Aláìsàn Tó Ń Gba Ìtọ́jú Nílé

Nígbà tí ilé ìwòsàn bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé, ọ̀rá oògùn kan ni wọ́n sábà máa ń fà lé àwọn ará ilé lọ́wọ́. Wọ́n á kọ «1 × 3» sára páálí kan, wọ́n á kọ «1 × 2» sára òmíràn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye hóró tí aláìsàn yóò lò lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà kejì ni iye ìgbà tí yóò lò ó lójúmọ́. Ohun méjì ni àmì yìí kò sọ: bóyá oúnjẹ ni yóò ṣáájú tàbí oògùn, àti ohun tí ẹ ó ṣe bí àkókò bá ti kọjá lórí oògùn kan. Nítorí ohun méjèèjì yìí ni a ṣe ń kọ àtẹ.

A óò fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Àpẹẹrẹ lásán ni. Oògùn àti ìwọ̀n tí dókítà kọ fún ẹni tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Aláìsàn inú àpẹẹrẹ wa

Ìyá ẹni ọdún 64 kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, níbi tí wọ́n ti tọ́jú òtútù àyà rẹ̀. Ó ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n fún un. Èkíní ni amọsísílíìnì, kápúsù mílígíráàmù 500, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, fún òtútù àyà. Èkejì ni mẹtifọ́míìnì, mílígíráàmù 500, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún àtọ̀gbẹ. Ẹ̀kẹta ni gilimẹpiráìdì, mílígíráàmù 2, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, fún àtọ̀gbẹ bákan náà. Ẹ̀kẹrin ni amilodipíìnì, mílígíráàmù 5, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, fún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀ láàárọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń dúró tì í lọ́sàn-án. Ẹni méjì ló ń fún un ní oògùn, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a lè fi sórí lásán.

Àtẹ náà

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí aago. Ẹ kọ́kọ́ kọ àkókò tí aláìsàn máa ń jẹun ní tòótọ́ sílẹ̀, kì í ṣe àkókò tí ẹ fẹ́ kí ó máa jẹun. Ìyá yìí máa ń jẹun àárọ̀ ní aago 8, ọ̀sán ní aago 1, alẹ́ ní aago 7. Lẹ́yìn èyí ni a tó to oògùn yí oúnjẹ ká.

| Àkókò | Oògùn | Ìwọ̀n | Oúnjẹ | Àmì |
|---|---|---|---|---|
| 6 àárọ̀ | Amọsísílíìnì | kápúsù 1 | Kò di dandan | |
| 8 àárọ̀ | Gilimẹpiráìdì | hóró 1 | Nígbà tí oúnjẹ bá ti wà níwájú rẹ̀ | |
| 8 àárọ̀ | Mẹtifọ́míìnì | hóró 1 | Bí ó bá ti jẹun tán | |
| 8 àárọ̀ | Amilodipíìnì | hóró 1 | Kò di dandan | |
| 2 ọ̀sán | Amọsísílíìnì | kápúsù 1 | Kò di dandan | |
| 7 alẹ́ | Mẹtifọ́míìnì | hóró 1 | Bí ó bá ti jẹun tán | |
| 10 alẹ́ | Amọsísílíìnì | kápúsù 1 | Kò di dandan | |

Ẹ ya àtẹ yìí sórí ìwé fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí oògùn wà. Ẹni tó bá fún aláìsàn ní oògùn ni yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ àti aago sí abẹ́ «Àmì», kété tí aláìsàn bá ti gbé e mì. Kò gbọdọ̀ kọ ọ́ ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ sún un di alẹ́. Bí àyè náà bá ṣófo, a kò tíì lò ó. Bí orúkọ bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún fún un.

Ìdí tí oúnjẹ fi yàtọ̀ síra

Amọsísílíìnì kò bìkítà fún oúnjẹ. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí àlàfo wákàtí 8 wà láàárín ìgbà kan àti èkejì, kí agbára rẹ̀ má baà lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi yan aago 6, aago 2 àti aago 10, tí a kò fi so ó mọ́ oúnjẹ.

Mẹtifọ́míìnì lè da inú rú, ó sì lè fa èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bí inú bá ṣófo. Bí a bá lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, ìyọnu yìí máa ń dín kù. Amilodipíìnì kò ní wàhálà pẹ̀lú oúnjẹ. A fi í sí àárọ̀ kí ó má baà di ìgbàgbé.

Gilimẹpiráìdì ni kí ẹ fi ojú sí jù lọ. Oògùn yìí máa ń mú kí ara tú insulíìnì jáde, yálà aláìsàn jẹun tàbí kò jẹun. Bí kò bá jẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, èyí sì lè gba ẹ̀mí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn kì í sábà rí oúnjẹ jẹ dáadáa, nítorí náà ewu yìí súnmọ́ ìyá wa ju bó ti máa ń rí tẹ́lẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìyá yìí ní ẹnu òun korò. Ó tọ́ ṣíbí ẹ̀kọ gbígbóná méjì wò, ó sì gbé e tì. Ọmọ rẹ̀ kò tíì fún un ní gilimẹpiráìdì, nítorí àtẹ sọ pé kí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ ná. Ó fi hóró náà sílẹ̀, ó kọ «kò jẹun» sínú àyè àmì, ó fi mẹtifọ́míìnì náà sílẹ̀, ó fún un ní amilodipíìnì pẹ̀lú omi, ó sì pe ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe gan-an nìyẹn.

Ká ní ó ti gbé gilimẹpiráìdì mì kí ó tó kọ oúnjẹ ńkọ́? Ẹni tó wà nítòsí kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Àmì tí ẹ ó máa wò ni òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ebi òjijì, àyà lílù kìkì, ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, tàbí oorun tí kì í ṣe ti àtẹ̀yìnwá. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà 3 tàbí 4 sínú omi, kí ẹ fún un mu. Bí àmì náà kò bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un ṣe. Bí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀, ẹ fún un ní oúnjẹ gidi, bíi búrẹ́dì tàbí mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ. Ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, nítorí gilimẹpiráìdì máa ń pẹ́ lára, ṣúgà sì tún lè padà lọ sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Bí aláìsàn kò bá lè dáhùn tàbí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ pe 112, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù lọ.

Bí àkókò oògùn bá ti kọjá

Òfin kan wà tó kan gbogbo wọn: ẹ má ṣe lo ìlọ́po méjì láti fi dí àlàfo èyí tí ẹ gbàgbé. Lẹ́yìn èyí, oògùn kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

- Amọsísílíìnì: ẹ lò ó kété tí ẹ bá rántí, àyàfi tí èyí tó kàn bá ti súnmọ́lé. Bí ẹ bá gbàgbé ti aago 2 ọ̀sán tí ẹ sì rántí ní aago 4, ẹ lò ó, kí ẹ sì lo ti aago 10 ní àkókò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aago 9 alẹ́ ni ẹ rántí, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ dúró de aago 10.
- Mẹtifọ́míìnì: ẹ má ṣe lò ó sórí inú tó ṣófo nítorí pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Bí ẹ bá gbàgbé ti àárọ̀, ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, ti alẹ́ nìkan ni kí ẹ lò.
- Amilodipíìnì: bí kò bá tíì ju wákàtí 12 lọ, ẹ lò ó. Bí ó bá ti jù bẹ́ẹ̀, ó di àárọ̀ ọ̀la. Oògùn yìí máa ń pẹ́ lára, ìgbàgbé ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójijì.
- Gilimẹpiráìdì: bí oúnjẹ àárọ̀ bá ti kọjá, ohun tí kò léwu nílé ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ di oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe fún un lálẹ́ kí ó tó sùn, nítorí ṣúgà lè lọ sílẹ̀ lójú oorun láìsí ẹni tó mọ̀.

Bí ẹni méjì bá fún un ní gilimẹpiráìdì lọ́jọ́ kan náà, ẹ má ṣe dúró de àmì kankan. Ẹ fún un ní oúnjẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú páálí oògùn náà lọ́wọ́.

Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú aláìsàn tí omi kò dúró nínú rẹ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tún fún un ní mẹtifọ́míìnì tàbí gilimẹpiráìdì. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ó bá fẹ́ gba àwẹ̀.

Kíka hóró láti yẹ àtẹ wò

Àtẹ lè sọ pé gbogbo rẹ̀ pé, kí hóró inú páálí sì sọ ohun mìíràn. Ẹ ka hóró lálaalẹ́. Amọsísílíìnì ìyá yìí jẹ́ kápúsù 15, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní aago 6 àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Ní òru ọjọ́ kejì, ó yẹ kí 9 ṣẹ́kù. Bí 10 bá ṣẹ́kù, a fo ọ̀kan. Bí 8 bá ṣẹ́kù, ẹnìkan ti fún un ní àfikún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe fi pamọ́, kí ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ má ṣe dá amọsísílíìnì dúró nítorí pé ikọ́ ti dáwọ́ dúró. Ẹ lò ó pé ọjọ́ 5. Àwọn oògùn mẹ́ta yòókù kì í parí pẹ̀lú òtútù àyà. Ẹ padà lọ gba òmíràn nígbà tí ó bá ku hóró ọjọ́ 7, kí ẹ sì mú àtẹ náà dání lọ sí ilé ìwòsàn. Bí àgbo bá wà tí ìyá ń mu, ẹ kọ òun náà sórí rẹ̀, nítorí àwọn kan lè fa ṣúgà wálẹ̀ kún èyí tí oògùn ń fà.