Ikọ́ àti sísín: ìdí tí ikọ́ tó dáwọ́ dúró kò fi túmọ̀ sí pé ewu ti lọ

Ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, níbi tí àwọn àgbá ńláńlá tí wọ́n ń tọ́jú epo pẹtiróòlù sí wà, tí táńkà sì ń wọlé tó ń jáde, kò sí ẹni tí kò mọ òórùn pẹtiróòlù. Ẹ fi èéfín jẹnẹrétọ̀ kún un, kí ẹ tún fi ata tí wọ́n ń dín nílé kejì lálẹ́ kún un. Ẹnìkan á máa sín, ẹlòmíràn á máa wúkọ́. Báwo ni ara ṣe ń mọ èyí tó yẹ kó ṣe? Kí ló sì dé tó jẹ́ pé nígbà mìíràn, ikọ́ á ti dákẹ́ ṣùgbọ́n ewu á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀? Àlàyé rẹ̀ nìyí.

Ẹnu ọ̀nà nìkan ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wà

Lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú imú, gògóńgò àti ọ̀nà èémí, àwọn orí iṣan ìmọ̀lára pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n mọ ohun tí kò yẹ kó wọlé: eruku, èéfín, omi tó ṣìnà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó dí ọ̀nà, àti kẹ́míkà tó ń ta ni. Ibi tí wọ́n ti múná jù ni gògóńgò àti oríta tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì, tí ọ̀kan lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, tí èkejì lọ sí ti òsì. Bí nǹkan bá rọra kàn ibẹ̀ báyìí, ikọ́ dé nìyẹn.

Ẹ wo ata tí wọ́n ń dín. Ohun tó ń mú ata ta ni wọ́n ń pè ní kapisáísìn. Nígbà tí epo bá gbóná, ó máa ń bá èéfín gòkè. Lára àwọn orí iṣan yẹn, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tó máa ń ṣí bí kapisáísìn bá kàn án. Ilẹ̀kùn yìí kan náà ló ń ṣí fún ooru tó bá ju ìwọ̀n 43 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí ata fi ń jó wa bí iná. Ọ̀jọ̀gbọ́n Défídì Júlíọ́ọ̀sì àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló ṣe àwárí rẹ̀ lọ́dún 1997, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì lọ́dún 2021.

Ohun kan wà tó yẹ ká fi sọ́kàn níbí, torí a máa padà sórí ẹ̀. Bí ọ̀nà èémí ṣe ń tinrín lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń pe ikọ́ ń dín kù. Tẹ́ ẹ bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́, wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Iṣan tó wà níbẹ̀ máa ń mú kí èèyàn mí léraléra, àmọ́ kì í pe ikọ́.

Òórùn yàtọ̀ sí ohun tó ń ta imú

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òórùn ló ń mú èèyàn sín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan tó ń gbọ́ òórùn yàtọ̀, iṣan tó ń mọ̀ pé nǹkan ń ta ni nímú tún yàtọ̀. Èyí kejì ni iṣan ojú, tí àwọn dókítà ń pè ní tíráíjẹ́mínà, òun náà ló ń jẹ́ ká mọ ìrora eyín. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tí imú rẹ̀ kò gbóòórùn mọ́ ṣì lè sín tí ata gbígbẹ bá fẹ́ sí i nímú.

Ó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gbé nítòsí ibi ìtọ́jú epo. Iṣan òórùn máa ń tètè mọ́ra. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ lè má gbọ́ òórùn pẹtiróòlù náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ má fi àìgbóòórùn ṣe ẹ̀rí pé afẹ́fẹ́ ti mọ́.

Bí ìròyìn ṣe ń lọ, tí àṣẹ sì ń bọ̀

Ìròyìn láti inú imú máa ń gba iṣan ojú lọ. Ti gògóńgò àti ọ̀nà èémí máa ń gba iṣan gígùn kan tó ń jẹ́ fégọ́ọ̀sì. Ìdí ọpọlọ ni àwọn méjèèjì ń lọ, lókè ọrùn níbi tí ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ògóóró ẹ̀yìn. Ibẹ̀ náà ni àṣẹ mímí ti ń wá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé a kì í jókòó ronú ká tó wúkọ́.

Àṣẹ tó ń bọ̀ fún ikọ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Èkíní, èèyàn á mí sínú kíákíá. Ó lè tó lítà méjì àbọ̀ afẹ́fẹ́ fún àgbàlagbà tó bá wúkọ́ gidi. Èkejì, gògóńgò á pa ilẹ̀kùn dé gbáà fún nǹkan bí ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ìgbà yẹn, iṣan ikùn àti ti ìhà á fún pọ̀, afẹ́fẹ́ á há sínú àyà bí ìgbà tí wọ́n fún táyà ní afẹ́fẹ́ jù. Ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn á ṣí lójijì, afẹ́fẹ́ á sì tú jáde. Ẹ̀yìn ọ̀nà èémí kò ní egungun rírọ̀ bíi ti iwájú rẹ̀, torí náà ó máa ń tẹ̀ wọlé, ọ̀nà á tinrín, afẹ́fẹ́ á sì sáré sí i, bí ìgbà téèyàn bá fi àtàńpàkò di ẹnu rọ́bà omi. Eré yẹn ló ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò lára ògiri.

Sísín fara jọ ọ́, àmọ́ imú ni wọ́n fẹ́ gbá mọ́. Imú á kọ́kọ́ máa yún ni, èèyàn á mí sínú, ojú á pa dé fúnra rẹ̀, ara òkè ẹnu lọ́wọ́ ẹ̀yìn á wálẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba imú àti ẹnu jáde pọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ di imú àti ẹnu pọ̀ láti dá a dúró. Lọ́dún 2018, àwọn dókítà ní Lẹ́sítà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí ọ̀fun rẹ̀ sì ya nínú. Ìgúnpá lẹ máa fi bo ẹnu.

Ẹni tó fi ẹnu fa pẹtiróòlù

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí gbogbo èyí ti ń di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ká sọ pé ọmọkùnrin kan fẹ́ fa pẹtiróòlù láti inú ọkọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ó fi ẹnu fà á, epo sáré dé kó tó yọ ẹnu, ó sì pá a lórí.

Lójú ẹsẹ̀, gògóńgò á pa dé, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀, omi á máa jáde lójú. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ nìyẹn, ó sì dáa. Àmọ́ pẹtiróòlù kò dà bí omi tàbí ẹ̀kọ. Ó ṣàn ju omi lọ, ó sì máa ń tàn ká ara ògiri ọ̀nà èémí wéréwéré. Kíkán díẹ̀ péré tó bá ráyè kọjá gògóńgò lè tàn dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí a sọ pé ẹ̀ṣọ́ kò sí. Nígbà náà, ikọ́ lè rọlẹ̀. Àwọn tó yí i ká á ní, "Ó ti bọ́, ẹ fún un lómi mu." Bẹ́ẹ̀, pẹtiróòlù ń fọ nǹkan tó bo inú àpò afẹ́fẹ́ tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ pọ̀ kúrò, àwọn àpò náà ń wú, omi sì ń kó sínú wọn. Bí kẹrosíìnì ṣe ń ṣe náà nìyẹn fún ọmọdé tó mu ún nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n rọ ọ́ sí.

Torí náà, ẹ má wo ikọ́ nìkan. Ẹ wo bó ṣe ń mí. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́. Àgbàlagbà máa ń mí bíi ìgbà 12 sí 20. Ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tó bá mí tó ìgbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń mí yára jù. Bí ihò imú bá ń fẹ̀, tí ìhà ń wọlé, tí oorun òjijì ń kùn ún, tàbí tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ewu ti dé. Nílé ìwòsàn, wọ́n sábà máa ń ṣọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó sọ pé kó máa lọ, kódà tí ikọ́ ti dáwọ́ dúró.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu kó lè bì. Ẹ má dán an wò. Bó bá bì, pẹtiróòlù á tún gba ẹ̀gbẹ́ gògóńgò kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ó sì lè rí ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí tó wà nínú ikùn kò léwu tó èyí tó wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Oògùn tó ń pa ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu mọ́

Àwọn kan á ní kí wọ́n fún un ní oògùn ikọ́ kó lè sinmi. Kódíìnì kì í wo ohun tó ń mú èèyàn wúkọ́ sàn. Ìdí ọpọlọ ló ń lọ, tó ń dín àṣẹ ikọ́ kù níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé àdúgbò kan náà ni àṣẹ mímí ti ń wá. Bó bá pọ̀, èémí á máa falẹ̀, ó sì lè dúró. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní kódíìnì mọ́ ní Nàìjíríà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kó o wọlé, lẹ́yìn tí ìròyìn fi hàn bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń mu ún bí ọtí.

Ọtí líle náà ń sọ ẹ̀ṣọ́ di aláìlágbára. Ẹni tó yó tó dojú sókè sùn lè bì kó má sì wúkọ́, kí èébì wọ ẹ̀dọ̀fóró láìsí ariwo kankan. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ yí i sí. Bákan náà ni ẹni tó dákú: ẹ má rọ omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu, torí kò sí ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn gògóńgò fún un.

Bí pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì bá pá ẹnikẹ́ni lórí, ẹ gbé e jókòó níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ bọ́ aṣọ tí epo dà sí kúrò lára rẹ̀, ẹ fi omi fọ ara ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó wúkọ́ tó bá ń wúkọ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ yín. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 tàbí 767. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì tàbí ìgò náà dání, kí dókítà lè mọ irú epo tó jẹ́.