Ta Ló Ni Ogún Ọkọ? Ìgbéyàwó Kristẹni àti Ipò Obìnrin l'Ékòó

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀sìn Kristẹni ṣe sí ìgbéyàwó nílẹ̀ Yorùbá, ìkóbìnrinjọ la sábà máa ń tẹnu mọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ogún ni àyípadà náà ti jinlẹ̀ jù.

Láyé àtijọ́, aya kì í jogún ọkọ. Bí baálé bá kú, àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀ ní í pín ogún, àbúrò ọkọ sì lè ṣú opó. Ṣùgbọ́n ọkọ náà kì í jogún aya. Owó tí obìnrin bá rí nídìí epo tàbí àdìrẹ, tirẹ̀ ni. Bó bá kú, ó di ti àwọn ọmọ rẹ̀ tàbí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ipò obìnrin náà sinmi lórí ilé tó bá wà: nínú agbo ilé, ìgbà tí èèyàn wọlé ni wọ́n fi ń mọ àgbà. Ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ tó bá nílé, ìbáà jẹ́ ọmọdébìnrin. Àdàpè bí Ìbàdíàrán ni yóò máa pè é. Ọmọdébìnrin yẹn náà, bó bá relé ọkọ, yóò di ẹni ẹ̀yìn níbẹ̀.

Òfin ìgbéyàwó tí ìjọba ṣe l'Ékòó ní 1884 gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀: aya kan ṣoṣo, àti ogún ní ìlànà Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn adájọ́ ṣe rò ó hàn nínú ẹjọ́ Cole ti 1898. John William Cole ṣe ìgbéyàwó Kristẹni ní Sàró ní 1874, ó sì kú l'Ékòó ní 1897 láìṣe ìwé ìhágún. Arákùnrin rẹ̀ ní òun ni àṣà gbé ogún lé lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ kọ̀ fún un: bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe lábẹ́ òfin Èkó ló ti gbéyàwó, irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ti mú ogún Cole kúrò lábẹ́ àṣà, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ló kàn. Ní 1924, nínú ẹjọ́ Smith, wọ́n dẹ ìlànà yìí díẹ̀: ìgbéyàwó nìkan kò tó, àfi kí a wo bí olóògbé ṣe gbé ayé rẹ̀.

Ààbò gidi lèyí jẹ́ fún opó, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin san owó rẹ̀. Ìwádìí Kristin Mann lórí àwọn gbajúmọ̀ Èkó fi hàn pé wọ́n retí kí irú aya bẹ́ẹ̀ jókòó sílé, kí ọkọ máa bọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ sì ní obìnrin níta síbẹ̀. Aya tí kò ní òwò kò ní ohun tí yóò gbára lé bí ọkọ bá yí ojú kúrò. Abájọ tí àwọn kan nínú wọn fi padà sídìí òwò. Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá tilẹ̀ dá iṣẹ́ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ l'Ékòó.

Àwọn tí kò ṣe ìgbéyàwó òfin wà lábẹ́ ìlànà àtijọ́. Súbérù Dáwódù kú ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962: ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín ogún sí, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìpín tirẹ̀, iye yòówù kí ọmọ rẹ̀ jẹ́. Iye ìyá ni wọ́n fi ka ogún, àwọn ìyá fúnra wọn kò sì gba nǹkan kan.