Ẹ̀dà Tí Kọ̀ǹpútà Fi Pamọ́: Àṣírí Ìwé Ìlera àti Ìwé Ẹjọ́ Lọ́wọ́ Atúmọ̀ Èdè

Àdéhùn tí àwọn lọ́yà máa ń gbé fún atúmọ̀ èdè kì í sábà ṣaláì ní gbólóhùn kan: bí iṣẹ́ bá ti parí, kí atúmọ̀ èdè pa gbogbo ẹ̀dà ìwé náà rẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi yéni níhìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fọwọ́ sí i kò lè mú un ṣẹ, bó ti wù kí ẹnu wọn le tó. Wọn kò mọ iye ẹ̀dà tí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ti ṣe. Nítorí náà, kí a tó ṣí fáìlì rárá ni a ti gbọ́dọ̀ pinnu bí a ó ṣe pa á rẹ́.

Ká mú àpẹẹrẹ kan tó wọ́pọ̀ ní ẹnubodè wa. Obìnrin kan gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, nílẹ̀ Benin, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ ìwé rẹ̀. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ti dé ilé ẹjọ́ l'Ékòó, lọ́yà sì nílò rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àbájáde àyẹ̀wò kòkòrò apa-sójà-ara wà nínú ìwé náà. Akọ̀wé lọ́yà fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. Atúmọ̀ èdè tẹ̀ ẹ́ sínú Word, ó sì gbé e lọ sínú OmegaT, irinṣẹ́ ìtumọ̀ ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò.

Kó tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan, àwòrán náà ti wà lórí fóònù méjì, ó sì lè ti wà nínú àwọn fọ́tò tí fóònù náà ń kó lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Word pẹ̀lú máa ń fi ẹ̀dà pamọ́ nítorí iná tó lè lọ lójijì, nínú fódà `%APPDATA%\Microsoft\Word`. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni èyí fún ẹni tí NEPA ń dà láàmú, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ni.

OmegaT ló wá burú jù, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti rántí. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí a bá túmọ̀, ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ sínú `project_save.tmx`, kó lè mú un wá bí irú rẹ̀ bá tún yọjú. Bí a bá ṣí fáìlì yẹn, irú ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyí:

```
<tuv lang="FR"><seg>La sérologie VIH est positive.</seg></tuv>
<tuv lang="EN"><seg>The HIV test is positive.</seg></tuv>
```

Kò sí ohun tó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kà á. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú fódà `omegat` ni àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tó ti kọjá wà, tí orúkọ wọn parí sí `.bak`. Nígbà tí a bá sì gbé ìtumọ̀ jáde, irinṣẹ́ náà tún máa ń ṣe àwọn fáìlì ìrántí mẹ́ta mìíràn sínú fódà iṣẹ́ náà, èyí tí orúkọ wọn parí sí `-omegat.tmx`, `-level1.tmx` àti `-level2.tmx`. Ẹni tó pa `source` àti `target` rẹ́, tó rò pé òun ti parí, fi odindi ìwé náà sílẹ̀ lédè méjèèjì. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá tọrọ ìrántí ìtumọ̀ ìlera lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù mẹ́fà sí i, àbájáde àyẹ̀wò obìnrin Àjàṣẹ́ ni yóò fi ránṣẹ́ láìmọ̀.

Ìlẹ̀kùn kan tún wà. OmegaT lè bá ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Bí a bá ti tan `Automatically Fetch Translations`, gbólóhùn tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí rẹ̀ ti jáde kúrò nílé ná. Ẹni tó bá rò pé ìdẹ́rùbani lásán lèyí, kó rántí ọdún 2017, nígbà tí NRK, ilé iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ Norway, fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo Statoil tẹ̀ sínú Translate.com ṣeé wá rí lórí Google: ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́, àdéhùn, kódà ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò sí ẹni tó jí ohunkóhun. Wọ́n kàn túmọ̀ rẹ̀ ni.

Kí ni ṣíṣe? Kí a kọ́kọ́ fi VeraCrypt dá àpótí tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí odindi fódà OmegaT ẹjọ́ náà wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìrántí ẹjọ́ kan má sì dàpọ̀ mọ́ ti òmíràn. Ìdí rẹ̀ ni pé pípa fáìlì rẹ́ lórí díìsìkì SSD òde òní kò fi dandan pa ohun tó wà nínú rẹ̀ run, a ò sì lè tọ́ka sí ibi tó kù sí. Bí ó bá jẹ́ pé inú àpótí nìkan ló ti wà rí, a kàn pa àpótí náà rẹ́ ni, àjẹkù rẹ̀ kò ní ṣeé kà fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà Word tí mo mẹ́nu kàn lókè ń bọ́ síta àpótí, nítorí náà ó yẹ kí díìsìkì fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ààbò BitLocker tàbí irú rẹ̀.

Kí a tó gbé ìwé sínú OmegaT, kí a fi àmì bíi `[OBINRIN-1]` dípò orúkọ, kí a sì dá orúkọ padà nínú ìtumọ̀ tó parí. Èyí ní ààlà tirẹ̀. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò kan, pẹ̀lú ọjọ́ tó wọ ilé ìwòsàn, ará ilé rẹ̀ yóò dá a mọ̀ láìsí orúkọ.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé kò sí ẹ̀dà tó kù? Ká yan ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú ìwé náà, ká wá a kiri lórí kọ̀ǹpútà:

```
findstr /s /m /c:"VIH" *.tmx *.bak *.txt
```

Orúkọ gbogbo fáìlì tó ní ọ̀rọ̀ náà, láti inú fódà tí a wà lọ sí ìsàlẹ̀, ni yóò jáde. Kó má tan wá jẹ o: fáìlì `.docx` wà ní fífún pọ̀, àṣẹ yìí kò lè rí inú rẹ̀. Ìyẹn, ojú la ó fi wá.

Àwọn kan yóò ní bí a bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí la ó fi dáhùn bí lọ́yà kejì bá bi wá léèrè nípa ìtumọ̀ wa nílé ẹjọ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé àtilẹ̀wá àti ìtumọ̀ tí a fọwọ́ sí nìkan nìyẹn ń fẹ́, kò fẹ́ ìrántí. Kí a di méjèèjì pọ̀:

```
7z a -p -mhe=on ejo.7z iwe/
```

Láìsí `-mhe=on`, ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà yóò ṣì rí orúkọ àwọn fáìlì inú rẹ̀, orúkọ fáìlì nìkan sì tó láti tú àṣírí àìsàn. Ká fi ọ̀rọ̀ aṣínà jíṣẹ́ lẹ́nu lórí fóònù, kì í ṣe nínú ìméèlì kan náà.

Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera sí dátà tó nílò ìṣọ́ra púpọ̀. Bí ó bá jò lọ́wọ́ atúmọ̀ èdè, ó gbọ́dọ̀ tètè sọ fún lọ́yà tó gbéṣẹ́ fún un. Bí jíjò náà bá lè ṣe ẹni tó ni dátà náà ní jàǹbá, wákàtí 72 péré ni lọ́yà ní láti sọ fún àjọ tó ń bójú tó o. Ẹni tí kò mọ ibi tí ẹ̀dà wà kò lè sọ ohun tó jò. Àdéhùn tí èmi yóò fọwọ́ sí ni èyí tó dárúkọ fódà tí iṣẹ́ yóò wà, tó ka ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì léèwọ̀, tó gbà kí ìwé méjì wà nípamọ́ títí di ọjọ́ kan pàtó, tó sì ní kí akọ̀wé lọ́yà pa àwòrán tirẹ̀ rẹ́ lórí fóònù pẹ̀lú.