Ìtànṣán Iná, Iyọ̀ àti Omi Kànga Ẹgàn

Lẹ́yìn òjò ńlá, kì í pẹ́ tí omi kànga tí wọn kò kọ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa fi ń pupa ní Ẹgàn, ní Ìgàndò àti ní Ìkòtún ní Èkó, torí ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ apá ibẹ̀. Ẹni tó bá fa omi bẹ́ẹ̀ sínú garawa, tó sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò rí i pé yanrìn ti sùn sí ìsàlẹ̀, síbẹ̀ omi náà kò mọ́. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ju álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, tí wọ́n sì rò ó, kí wákàtí kan tó pé, ìdọ̀tí náà ti ń ṣù, ó ti ń lọ sílẹ̀. Ó gba àwọn onísáyẹ́ǹsì ju ogójì ọdún lọ kí wọ́n tó rí ìdí rẹ̀, ìtànṣán iná ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bu omi tó ti sùn mọ́jú yẹn sínú ife gíláàsì, kí ẹ yọ́ iyọ̀ sínú omi tó mọ́ nínú ife kejì. Ẹ pa iná yàrá. Ẹ fi bébà tí ẹ dá ihò kékeré sí bo iná fóònù, kí ẹ sì tan ìtànṣán tóóró yẹn la inú ife kọ̀ọ̀kan kọjá, kí ẹ máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Nínú omi iyọ̀, ojú kò ní rí ọ̀nà tí iná gbà. Nínú omi kànga, ọ̀nà náà yóò hàn kedere láti etí ife kan dé èkejì.

Bí ẹ̀rún inú omi ṣe tóbi tó ló fà á. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan ni nanomítà. Ìgbì iná tí ojú ń rí gùn tó nanomítà 400 sí 700. Iyọ̀ tó yọ́ ti túká di áyọ́nì tí kò tó nanomítà kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rún amọ̀ tó kọ̀ láti sùn lè wà láàárín nanomítà 1 sí 1,000. Irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ là ń pè ní kólọ́ìdì. Ní 1871, Lord Rayleigh ṣírò rẹ̀ pé fún ẹ̀rún tó kéré gan-an sí ìgbì iná, bí ìbú rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, iná tí ẹ̀rún kan ń fọ́n ká yóò di ìlọ́po 64. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́wàá, iná náà di ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Áyọ́nì iyọ̀ náà ń fọ́n iná ká, àmọ́ ó kéré débi pé ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n.

Ìdánwò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Yanrìn àti eruku náà máa ń fi ọ̀nà iná hàn, nítorí náà kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín kólọ́ìdì àti ìdọ̀tí lásán. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi sùn, kí ẹ sì fi bébà asẹ́ sẹ́ ẹ. Bí ọ̀nà iná bá ṣì hàn lẹ́yìn náà, kólọ́ìdì ni.

Orúkọ John Tyndall ni wọ́n fi ń pe ìdánwò náà, nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní nǹkan bí 1869, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀, Michael Faraday, ti rí i ṣáájú. Ní oṣù kejì ọdún 1857, Faraday ka ìwé kan fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù lórí wúrà àti ìmọ́lẹ̀. Ó ti fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yọ wúrà jáde nínú omi tí iyọ̀ wúrà ti yọ́, omi náà sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ojú lásán á sọ pé wúrà ti yọ́ síbẹ̀. Nígbà tí Faraday tan iná sí i, ó rí i pé ẹ̀rún wúrà tínńtínní ló kún inú rẹ̀. Ó tún fi iyọ̀ tí a ń jẹ sí i, àwọ̀ pupa náà sì di búlúù, torí àwọn ẹ̀rún náà ń so mọ́ra, tó bá yá wọn a sùn sí ìsàlẹ̀. Díẹ̀ lára àwọn ìgò rẹ̀ ṣì wà ní Royal Institution títí dòní, wọ́n sì ṣì pupa. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìwé yẹn ni Thomas Graham fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórúkọ kólọ́ìdì.

Lójú tèmi, ìgò tí Faraday fi iyọ̀ sí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn yìí, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀ nígbà náà. Ní 1882, Hans Schulze fi oríṣiríṣi iyọ̀ dán kólọ́ìdì ásẹ́níìkì sọ́fáídì wò. Ó rí i pé bí iná mànàmáná tí áyọ́nì iyọ̀ náà gbé bá ṣe pọ̀ tó ni iyọ̀ náà ṣe máa ń lágbára tó. Nínú ìwọ̀n tí ìwé kẹ́místrì ń tẹ̀ lónìí, iyọ̀ tí a ń jẹ tó tó gíráàmù mẹ́ta ló ń mú lítà kan irú kólọ́ìdì yìí dì. Ti kálísíọ́ọ̀mù kílóráìdì kò ju nǹkan bí mílígíráàmù 72 lọ, ti alumíníọ́ọ̀mù kílóráìdì sì jẹ́ nǹkan bí 12. Áyọ́nì sódíọ́ọ̀mù gbé iná kan, ti kálísíọ́ọ̀mù gbé méjì, ti alumíníọ́ọ̀mù gbé mẹ́ta.

William Hardy ló parí ọ̀rọ̀ náà ní 1900: áyọ́nì tí iná rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rún ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rún amọ̀ gbé iná nẹ́gátíìfù lára, gbogbo wọn sì ń ti ara wọn sẹ́yìn, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í sùn. Áyọ́nì pọ́sítíìfù tí iyọ̀ mú wá yóò pa dà yí wọn ká, agbára ìtìsẹ́yìn náà yóò wá kúrú. Nígbà náà ni òòfà tó wà láàárín ẹ̀rún méjì tó súnmọ́ra gan-an yóò mú wọn lẹ̀ mọ́ra.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ẹnu ọ̀sà Èkó. Odò Ògùn ń gbé amọ̀ wá láti òkè, nígbà tó bá sì pàdé omi iyọ̀ ọ̀sà lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, amọ̀ náà a dì, a sì di ẹrẹ̀. Lákòókò òjò, omi ọ̀sà a fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀ mọ́, nítorí náà omi pupa lè rìn jìnnà kó tó sùn.

Álọ́ọ̀mù ní ohun mìíràn tó ń ṣe yàtọ̀ sí iná rẹ̀. Nínú omi, alumíníọ́ọ̀mù rẹ̀ ń di èròjà funfun tó rí bí òwú, èyí tó ń kó ìdọ̀tí lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àsìdì díẹ̀ ń jáde níbẹ̀, nítorí náà omi òjò tí kò ní báíkábọ́nétì púpọ̀ lè di kíkan, kí álọ́ọ̀mù má sì ṣiṣẹ́. Bí álọ́ọ̀mù bá sì pọ̀ jù, iná pọ́sítíìfù lè bo ara ẹ̀rún, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn, omi a sì tún dàrú. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi fi ń kọ́kọ́ dán ìwọ̀n rẹ̀ wò.

Ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ yọ́ gíráàmù mẹ́wàá álọ́ọ̀mù sínú lítà omi kan, kí ẹ to ìgò lítà kan mẹ́fà tí omi kànga kún jọ, kí ẹ sì fi sírínjì fa mílílítà 1 sí ti àkọ́kọ́, 2 sí èkejì, títí dé 6. Mílílítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 10. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rò ó pẹ̀lẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ tan iná fóònù sí apá òkè ìgò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọ̀nà iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, tí álọ́ọ̀mù rẹ̀ sì kéré jù, ni kí ẹ mú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí pé ọ̀nà iná kò hàn mọ́ mu omi náà lójú ẹsẹ̀. Ìtànṣán kò lè fi òjé tàbí náítréètì tó ti yọ́ hàn, síse omi tàbí kílórínì kò sì lè mú wọn kúrò. Álọ́ọ̀mù náà kò lè pa gbogbo kòkòrò àrùn, nítorí náà ẹ se omi yẹn kó hó, tàbí kí ẹ fi kílórínì sí i, kí ẹ tó mu ún.