Àkóràn Ilé Ọmọ àti Ọ̀nà Ẹyin

Èyí ni àìsàn tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kòkòrò bá ti ojú ara obìnrin gòkè gba ọrùn ilé ọmọ, tó sì mú kí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹyin ń gbà wú. Kòkòrò àtọ̀sí àti kilamídíà wà lára ohun tó sábà ń fà á.

Inú a máa dun obìnrin náà nísàlẹ̀ ìdodo. Ibà lè bá a wá, kí ohun tó ń dà lójú ara sì yí àwọ̀ tàbí kó máa rùn. Ti kilamídíà ló ń tanni jẹ jù, torí ìrora rẹ̀ lè má pọ̀; ẹlòmíràn á máa fi oògùn ibà tàn án. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lóyún, nítorí oyún tó dúró sínú ọ̀nà ẹyin náà máa ń dunni bẹ́ẹ̀.

Bí ìtọ́jú bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, egbò inú ọ̀nà ẹyin á di àpá, àpá á sì dí i. Nínú ìwádìí Lars Weström ní ìlú Lund, ní Súwídìn, tó jáde lọ́dún 1992, nǹkan bí obìnrin 8 nínú 100 ni kò rọ́mọ bí nítorí ọ̀nà tó dí lẹ́yìn àìsàn náà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n di 40.

Abẹ́rẹ́ kan àti oògùn oníhóró fún ọjọ́ 14 ni ìtọ́jú tó wọ́pọ̀. Ọkùnrin rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbàtọ́jú, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le. Bí ara obìnrin náà kò bá fúyẹ́ láàárín ọjọ́ 3, kó padà sílé ìwòsàn, torí ọyún lè ti kó jọ sínú ọ̀nà ẹyin.