Omi Yí Ògiri Ká, Afẹ́fẹ́ Wà Láàárín: Ìṣirò Ìwọ̀n Pàìpù Òòró àti Ẹ̀ka Rẹ̀ nínú Ilé Alájà Mẹ́jọ

Pàìpù òòró ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí fún pàìpù tí ó dúró gbọnrangandan láti àjà òkè pátápátá dé ìsàlẹ̀ ilé, tí ó ń gba ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí lọ́wọ́ àwọn pàìpù ìbú tí ó ń ti ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná wá. Àwọn pàìpù ìbú wọ̀nyí ni ẹ̀ka. Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń sọ sí ọkàn ẹni tí ó fẹ́ mọ bí pàìpù òòró yóò ti fẹ̀ tó ni pé kí ó ṣáà ti lè gba omi tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí omi tó wá ààyè tì nínú irú pàìpù yìí, afẹ́fẹ́ yóò ti wá ààyè tì, inú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí sì ni àwọn nọ́ńbà tí púlọ́ńbà ń kà nínú tábìlì òfin ti jáde.

Lábẹ́ ohun èlò omi kọ̀ọ̀kan ni tíráàpù wà, ìyẹn ọrùn pàìpù tí ó tẹ̀ kọdọrọ tí omi díẹ̀ máa ń dúró sí, kí òórùn má baà gòkè wọ yàrá. Jíjìn omi yìí kì í sábà ju íńṣì 2 sí 4 lọ. Nítorí náà, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú láti má kọjá ni pé kí agbára afẹ́fẹ́ inú pàìpù má ṣe yàtọ̀ sí ti inú yàrá ju ohun tí omi íńṣì 1 lè dì mú, ìbáà ṣe pé afẹ́fẹ́ náà ń fà ni tàbí pé ó ń tì.

Nígbà tí omi bá ti inú ẹ̀ka bọ́ sínú pàìpù òòró, kì í já bọ́ láàárín bí òkúta tí wọ́n jù sínú kànga. Ògiri pàìpù ni ó máa ń fara mọ́ yíká, bí ìgbà tí awọ bo igi, tí yóò sì fi ihò sílẹ̀ láàárín fún afẹ́fẹ́. Àwọn kan gbà pé bí ilé bá ti ga tó ni eré omi náà yóò máa pọ̀ sí i tó, títí tí yóò fi fọ́ pàìpù nísàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí eré bá ti ń pọ̀ ni ògiri pàìpù ń dá omi dúró sí i, títí tí dídúró náà yóò fi bá ìwọ̀n omi dọ́gba, tí eré kò sì ní lè pọ̀ mọ́. Robert Wyly àti Herbert Eaton, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ṣàlàyé èyí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1961, ìṣirò tí ó sì dúró lé irú iṣẹ́ wọn lórí nìyí:

```
Q = 27.8 × r^(5/3) × D^(8/3)
```

Q ni iye gálọ́ọ̀nù tí ń sọ̀kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, D ni ìbú inú pàìpù ní íńṣì, r sì ni ìdá tí omi gbà nínú ojú ihò pàìpù. Bí D bá jẹ́ 4, tí r sì jẹ́ 7/24, Q yóò tó 144. Omi tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò máa sáré bí ẹsẹ̀ bàtà 12.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì ní ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ kí ó tó dé òpin eré rẹ̀, èyí tí kò tó gíga àjà kan. Ilé alájà mẹ́jọ àti ilé alájà ogún kò yàtọ̀ ní ti eré, nígbà náà. R gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn tẹjú mọ́, nítorí pé bí omi bá gbà tó ìdá kan nínú mẹ́ta ojú ihò, awọ omi náà yóò máa pàdé ara rẹ̀ láàárín, yóò dí bí ìdérí ìgò, yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ síwájú bí ó ti ń fà á lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé pàìpù òòró tí wọ́n ṣírò dáadáa kì í kún ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ láé.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni bí a ṣe lè mọ iye omi tí yóò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibí ni ẹyọ ẹrù ti wúlò, ìyẹn nọ́ńbà tí òfin fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bí ẹrù rẹ̀ lórí pàìpù ti wúwo tó. Ní àwọn ọdún 1920, ẹyọ 1 dúró fún gálọ́ọ̀nù 7.5 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí bẹ́ésìnì ìfọwọ́ lè dà. Lẹ́yìn náà ni Roy Hunter, ní iléeṣẹ́ ìwọ̀n kan náà, tẹ ìwé kan jáde ní 1940 tí ó fi ìṣirò àǹfààní-ìṣẹ̀lẹ̀ kún un. Ó ní bí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń ṣàn fún ìṣẹ́jú àáyá 9, tí wọ́n sì ń lò ó lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 5 níbi tí èrò pọ̀ sí, àǹfààní pé ẹni tí ó bá yọjú yóò bá a ní ṣíṣàn jẹ́ 9 nínú 300. Bí àwo 32 bá wà nínú ilé kan, tí wọ́n sì ń lò wọ́n bẹ́ẹ̀, ìgbà tí èyí tí ó ju 4 lọ yóò máa ṣàn pọ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ni ẹyọ ẹrù kì í fi í ṣe gálọ́ọ̀nù mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú gálọ́ọ̀nù ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá sọ ẹyọ 224 di gálọ́ọ̀nù nípa fífi 7.5 sọ ọ́ di púpọ̀ yóò ra pàìpù tí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀.

Kí ọ̀nà ìṣirò náà lè hàn kedere, ẹ jẹ́ kí a gbé ilé alájà mẹ́jọ kan yẹ̀wò, tí a bá ka ti ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, tí fúláàtì méjì kọ ẹ̀yìn síra ní àjà kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn sì ń da omi sínú pàìpù òòró kan ṣoṣo. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwẹ̀ méjì, síǹkì ilé ìdáná kan àti ẹ̀rọ ìfọṣọ kan. Nọ́ńbà tí a óò lò ni ti ìwé òfin púlọ́ńbà àgbáyé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń tẹ̀lé. Nínú rẹ̀, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí ń lo gálọ́ọ̀nù 1.6 jẹ́ ẹyọ 3, ṣáwà jẹ́ 2, bẹ́ésìnì sì jẹ́ 1. Àpapọ̀ wọn ìbá jẹ́ 6, ṣùgbọ́n òfin ka ilé ìwẹ̀ kan lódindi sí 5, nítorí pé ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Síǹkì jẹ́ 2, ẹ̀rọ ìfọṣọ jẹ́ 2. Fúláàtì kan di 14, àjà kan di 28, gbogbo ilé sì di 224.

Ẹ̀ka ni ó yẹ kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Síǹkì nìkan lè gba inú pàìpù íńṣì 1.5, tí ààlà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ 3. Pàìpù tí ó bá gba àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí íńṣì 3, bí ẹyọ rẹ̀ tilẹ̀ kéré, nítorí pé ohun tí ń kọjá nínú rẹ̀ kì í ṣe omi lásán. Ẹ̀ka íńṣì 3 lè gbé ẹyọ 20. Nítorí náà, bí fúláàtì kọ̀ọ̀kan bá ní ẹ̀ka tirẹ̀ dé ara pàìpù òòró, ẹyọ 14 rẹ̀ yóò gba inú íńṣì 3 dáadáa. Bí wọ́n bá so ẹ̀ka méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, 28 ti kọjá 20, ó sì di dandan kí pàìpù àjọpọ̀ náà jẹ́ íńṣì 4. Ìdagẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka íńṣì 3 kò gbọdọ̀ dín ní ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan.

Ààlà méjì ni òfin fi lé pàìpù òòró lórí, ọ̀kan fún àpapọ̀ ẹrù, èkejì fún ẹrù tí ó wọlé ní àlàfo ẹ̀ka kan. Àlàfo ẹ̀ka ni gíga tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ibi tí ẹ̀ka kan ti wọlé àti ibi tí òmíràn ti wọlé, ó sì sábà máa ń jẹ́ àjà kan. Nínú pàìpù òòró tí àlàfo rẹ̀ ju mẹ́ta lọ, íńṣì 3 lè gba àpapọ̀ 72 ṣùgbọ́n kò lè gbà ju 20 lọ ní àlàfo kan. Íńṣì 4 lè gba 500, kò sì lè gbà ju 90 lọ ní àlàfo kan. Àpapọ̀ 224 àti 28 ní àjà kan wọ inú íńṣì 4 wẹ́rẹ́. Òfin sì gbà kí pàìpù òòró máa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i bí ó ti ń gòkè, nítorí náà oníṣirò lè wò ó pé àjà méjì tí ó wà lókè pátápátá kò ní ju ẹyọ 56 lọ, kí ó sì fi íńṣì 3 sí wọn nítorí pé 56 kò tó 72. Àṣìṣe ni. Ẹyọ 28 ni ó ń wọlé ní àjà kan, ó sì ti ju 20 lọ. Níbi tí omi púpọ̀ ti ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ni ihò afẹ́fẹ́ ti ń dí, kódà bí kò bá sí ẹrù kankan tí ń bọ̀ láti òkè. Íńṣì 4 ni yóò wà láti ìsàlẹ̀ dókè, tí yóò sì la òrùlé kọjá gẹ́gẹ́ bí pàìpù ìmí, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé tẹ̀lé omi.

Ìdí pàìpù òòró ni ọ̀rọ̀ ti nira jù. Omi tí ń sáré ní ẹsẹ̀ bàtà 12.6 yí sínú pàìpù ìbú tí eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3 lọ, bẹ́ẹ̀ iye omi kan náà ni. Kò sí ohun tí ó lè ṣe ju kí ó wú lọ. Ó lè wú kún pàìpù náà dé òkè, kí ó sì há afẹ́fẹ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́. Nítorí èyí ni òfin kò fi gbà kí ẹ̀ka wọ inú pàìpù ìbú yìí láìjìnnà tó ìlọ́po mẹ́wàá ìbú pàìpù òòró sí ìdí rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ íńṣì 40 fún pàìpù íńṣì 4. Nítorí rẹ̀ náà ni agbára pàìpù íńṣì 4 fi já wálẹ̀ láti 500 sí 216, bí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì fún ẹsẹ̀ bàtà. Ẹyọ 224 ilé yìí ti fi 8 kọjá rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà yanjú rẹ̀. Bí wọ́n bá dà á gẹ̀rẹ̀ sí ìdajì íńṣì, yóò gba 250, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 40 yóò jìn wálẹ̀ ní íńṣì 20, èyí tí ìpìlẹ̀ ilé lè máà gbà. Wọ́n lè fi pàìpù íńṣì 5 sí i, tí ó gba 390 ní ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì, tàbí íńṣì 6 níbi tí kò bá sí 5 lọ́jà. Ọ̀nà kẹta ni ó dára jù lójú ẹni tí ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí pàìpù òòró: kí àjà ìsàlẹ̀ ní pàìpù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìlànà ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè èyí fún ilé tí ó bá ju àjà márùn-ún lọ. Àjà méje tí ó kù yóò di 196, íńṣì 4 yóò sì tó fún wọn títí dé ibi tí pàìpù àjà ìsàlẹ̀ ti dara pọ̀ mọ́ wọn níta. Láti ibẹ̀ lọ ni pàìpù tí ó tóbi yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àmì tí àwọn ayálégbé máa ń sọ ni a fi ń mọ ibi tí ìṣirò ti kùnà. Bí tíráàpù ní àárín ilé tàbí lókè bá ń ké gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nígbà tí ẹlòmíràn da omi, tí òórùn sì tẹ̀lé e, fífà ni ó ń ṣẹlẹ̀; ẹrù pọ̀ ju pàìpù òòró tàbí ẹ̀ka lọ, tàbí pàìpù ìmí ti dí. Bí ó bá jẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àjà ìsàlẹ̀ ni ó ń hó, tàbí tí ìfófòó ọṣẹ ń gba inú ihò ṣáwà yọ nígbà tí wọ́n ń fọṣọ ní àjà karùn-ún, ìdí pàìpù òòró ni àrùn náà wà, pàìpù òòró tí ó tóbi sí i kò sì ní wò ó sàn.