Eré orin ìrànwọ́ àti ìjàgbara àwọn olórin rọ́ọ̀kì

Eré orin ìrànwọ́ ni eré tí àwọn olórin ń ṣe láìgba owó iṣẹ́, kí owó tó bá wọlé lè lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ìyàn, ogun tàbí àjálù mìíràn bá. Láàárín àwọn olórin rọ́ọ̀kì, irú eré mìíràn tún wà tó súnmọ́ ọn: àpéjọ ìfẹ̀hónúhàn, níbi tí ohun tí wọ́n ń béèrè kì í ti í ṣe owó bí kò ṣe òmìnira ẹlẹ́wọ̀n kan tàbí àyípadà nínú ìṣèlú. Apá tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún jù lọ ni ti owó, pàápàá ọ̀nà tí owó ń gbà láti ẹnu géètì pápá eré dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa. Ibẹ̀ náà ni nǹkan ti máa ń wọ́.

Bangladẹ́ṣì, ọdún 1971

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1970, ìjì líle kan gba orí òkun wá kọlu ìlà-oòrùn Pakísítáànì, ilẹ̀ tí à ń pè ní Bangladẹ́ṣì lónìí. Ìjì náà àti omi tó kún bo ilẹ̀ pa àwọn ènìyàn tí wọ́n fojú bù sí 300,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò tíì bọ́ nínú ìyẹn tí ogun òmìnira fi bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1971, tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ogúnléndé sì ń wọ́ kọjá ààlà lọ sí Índíà. Ravi Shankar, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú títa sítárì, tí ìdílé bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀ Bẹ̀ngálì wá, ń rò ó láti ṣe eré kan tí yóò mú nǹkan bíi dọ́là 25,000 wọlé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, George Harrison, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles. Harrison ló sọ ọ́ di ńlá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti bẹ Bob Dylan, Eric Clapton, Ringo Starr, Leon Russell àti Billy Preston, wọ́n sì gbà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, wọ́n ṣe eré náà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní Nú Yọ́ọ̀kì. Àwọn òǹwòran eré méjèèjì tó nǹkan bí 40,000. Owó tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ dọ́là 243,418 àti sẹ́ńtì 50, kò sì pẹ́ tó fi dé ọwọ́ àjọ UNICEF.

Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni owó tó pọ̀. Àwo orin mẹ́ta tí wọ́n dì pọ̀ jáde lẹ́yìn eré náà, àti fíìmù tó tẹ̀ lé e, ló yẹ kó mú mílíọ̀nù dọ́là wọlé, wọ́n sì mú un wọlé lóòótọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kí wọ́n tó ṣe eré, kò sẹ́ni tó ti fi ìwé so ó pọ̀ mọ́ UNICEF gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àánú. Nígbà tí owó àwo bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn agbowó-orí Amẹ́ríkà wò ó gẹ́gẹ́ bí owó òwò, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba tàwọn níbẹ̀. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, púpọ̀ nínú owó náà dúró sójú kan fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ogun náà parí, Bangladẹ́ṣì di orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ àwọn ogúnléndé padà sílé, owó ṣì wà ní bánkì. Ní Bìrìtéènì, Harrison fúnra rẹ̀ lọ bẹ òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà kan ní ilé-iṣẹ́ ìṣúná kí wọ́n yọ owó-orí kúrò lórí àwo náà. Wọn kò gbà.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lóye ohun tí àwọn tó wá lẹ́yìn ṣe gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Kò sí ẹ̀rí pé Harrison jalè, kò sì sí olórin tó gba kọ́bọ̀. Ìwé kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n buwọ́ lù kí ìlù tó dún ló fa ìdádúró náà.

Band Aid àti Live Aid

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1984, Michael Buerk ti BBC fi ìyàn tó mú ní Kórẹ̀mù, ní àríwá Etiópíà, han àwọn ará Bìrìtéènì lórí tẹlifíṣọ̀n. Bob Geldof, olórin ọmọ Áyálándì, rí i. Òun àti Midge Ure kọ orin kan, wọ́n kó àwọn olórin tó gbajúmọ̀ jọ sí ilé ìgbohùn kan ní Lọ́ńdọ̀n ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, wọ́n sì gba orin náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ni Band Aid. Ní oṣù Kìíní ọdún 1985, àwọn olórin Amẹ́ríkà ṣe tiwọn, lábẹ́ ìdarí Quincy Jones, lẹ́yìn tí Harry Belafonte ti pe àkíyèsí wọn sí i.

Geldof kò jẹ́ kí owó yìí ṣe bíi ti ọdún 1971. Wọ́n dá àjọ aláàánú kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin, Band Aid Trust, kí owó tó kún ọwọ́ wọn. Nígbà tí ìjọba Margaret Thatcher kọ́kọ́ sọ pé owó-orí ọjà kò lè kúrò lórí rẹ́kọ́ọ̀dù náà, Geldof pariwo rẹ̀ ní gbangba títí ìjọba fi fi iye tí owó-orí náà jẹ́ ṣe ìtọrẹ padà.

Live Aid wáyé ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1985, ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀n àti pápá John F. Kennedy ní Filadẹ́fíà, sátẹ́láìtì sì gbé e káàkiri ayé. Harvey Goldsmith ló ṣètò ti Lọ́ńdọ̀n, Bill Graham ló ṣe ti Amẹ́ríkà. Wembley gba nǹkan bí 72,000 ènìyàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè owó láti orí tẹlifíṣọ̀n ló mú owó wọlé jù, nítorí àwọn òǹwòran ń fi tẹlifóònù ṣe ìlérí bí eré ti ń lọ. Títí tí Band Aid fi ṣe ìṣirò ìkẹyìn, owó rẹ́kọ́ọ̀dù àti ti eré náà para pọ̀ kọjá 140 mílíọ̀nù dọ́là.

Owó wà, ọ̀nà ni kò sí. Ní ọdún 1985, ọkà tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ránṣẹ́ ń wó jọ ní èbúté Ásàbù nítorí pé kò sí ọkọ̀ tó tó láti kó o lọ sí àwọn òkè. Ní Sùdáánì, àwọn ọlọ́kọ̀ mọ̀ pé kò sẹ́lòmíràn tí wọ́n lè pè, wọ́n sì gbé owó ìkẹ́rù lé orí. Geldof àti àwọn tó ń ṣàkóso Trust ra ọkọ̀ akẹ́rù tiwọn, wọ́n sì háyà ọkọ̀ ojú omi. Èrò tèmi ni pé ìpinnu ọkọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn Live Aid, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún ìṣẹ́jú tí ẹgbẹ́ Queen fi kọrin ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Ní ìlú tí ebi ti ń pani, àpò ọkà tó wà ní èbúté kò yàtọ̀ sí àpò tí wọn kò rà.

Ohun kan tí Dylan sọ lórí ìtàgé lọ́jọ́ náà, pé ó yẹ kí díẹ̀ nínú owó ran àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn lọ́wọ́, bí Geldof nínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ló bí eré Farm Aid ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà.

Àríyànjiyàn lórí ibi tí owó lọ

Etiópíà wà lójú ogun nígbà náà. Ìjọba Mengistu Haile Mariam ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ jà ní Tígíráì àti Ẹrítíríà, àwọn ibi tí ìyàn ti le jù. Ọ̀nà méjì ni oúnjẹ ń gbà dé: nípasẹ̀ ìjọba, tàbí láti Sùdáánì kọjá ààlà sọ́dọ̀ àwọn àjọ tó wà lábẹ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Kò sí ìkẹta.

Ní ti ìjọba, a mọ̀ pé wọ́n kó nǹkan bí 600,000 ènìyàn láti àríwá lọ sí gúúsù, púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ipá. Ẹ̀ka Faransé ti àjọ àwọn dókítà tí à ń pè ní Médecins Sans Frontières sọ̀rọ̀ síta pé wọ́n ń lo oúnjẹ ìrànwọ́ láti fi tan àwọn ènìyàn wá sínú ọkọ̀; ní ìparí ọdún 1985, ìjọba lé wọn kúrò.

Ní ti àwọn ọlọ̀tẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gba ìṣọ́ra. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, BBC World Service gbé ìròyìn kan jáde níbi tí Aregawi Berhe, tó ti jẹ́ ọ̀gágun ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ Tígíráì, TPLF, rí, ti sọ pé nínú nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là tó gba ọwọ́ wọn kọjá ní ọdún 1985, ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ebi ń pa. Ẹlòmíràn tó ti wà lẹ́gbẹ́ náà sọ pé òun múra bí oníṣòwò, òun sì ta àpò fún àwọn aláàánú, tí yanrìn wà nínú àwọn kan. Òṣìṣẹ́ àjọ tó san owó náà kò gbà bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà lórí oyè ní Etiópíà náà sẹ́ ẹ. Àwọn méjì tó sọ̀rọ̀ yìí ti bá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ wọn jà kí wọ́n tó sọ ọ́, èyí tí kò sọ ọ́ di irọ́, ṣùgbọ́n tó yẹ kí òǹkàwé mọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, BBC tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Band Aid Trust, ó ní kò sí ẹ̀rí pé owó Band Aid ló lọ fún ìbọn. Ohun tí a lè sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti yí apá kan nínú ìrànwọ́ tó gba Tígíráì padà. Kò sẹ́ni tó ti fi ìdí iye rẹ̀ múlẹ̀, wọn kò sì rí okùn tó so ó mọ́ owó eré orin.

Àpéjọ ìfẹ̀hónúhàn

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1976, Clapton, ẹni tó ta gìtá fún àwọn ogúnléndé ní ọdún 1971, dúró lórí ìtàgé ní Bẹ́míńgámù, ó sì ti Enoch Powell lẹ́yìn, òṣèlú tó ń tako wíwọlé àwọn àlejò sí Bìrìtéènì. Lẹ́tà ìbínú tí àwọn kan kọ sí ìwé ìròyìn orin lẹ́yìn ìyẹn ló bí ẹgbẹ́ Rock Against Racism. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1978, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fẹsẹ̀ rìn láti Trafalgar Square dé Victoria Park, níbi tí The Clash àti Steel Pulse ti kọrin fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti Amnesty International, Fela Aníkúlápó-Kútì wà nínú ìtàn náà. Ìjọba ológun Nàìjíríà ti rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún ní ọdún 1984 lórí ẹ̀sùn owó òkèèrè, Amnesty sì kà á mọ́ àwọn tí wọ́n tì mọ́lé nítorí èrò ọkàn wọn. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1986. Ní oṣù Kẹfà, ó wà lórí ìtàgé Amnesty ní pápá Giants Stadium ní Níú Jẹ́sì.

Eré ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún Nelson Mandela ní Wembley, ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1988, ló fi hàn bí ìṣèlú ṣe ń bá tẹlifíṣọ̀n dúnàádúrà. Tony Hollingsworth tó ṣètò rẹ̀ pè é ní ìbọláfún, kì í ṣe ìpolongo, kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n má baà sá. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà, Fox gé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú kúrò.

Live 8, ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2005, kò béèrè owó rárá. Geldof fẹ́ kí àwọn olórí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń bọ̀ wá pàdé ní Gleneagles fagi lé gbèsè Áfíríkà. Nígbà tí àwọn ènìyàn ṣàròyé pé olórin Áfíríkà kò tó nǹkan nínú ètò rẹ̀, wọ́n ṣe eré mìíràn fún wọn ní Eden Project ní Cornwall. Angélique Kidjo, ọmọ Benin tó ń kọrin ní Yorùbá pẹ̀lú èdè mìíràn, wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mínísítà ìṣúná ti fẹnu kò lórí gbèsè orílẹ̀-èdè 18 ní oṣù Kẹfà, kí eré náà tó wáyé. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Ìdúnàádúrà mìíràn ni ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bá àwọn ayánilówó tí à ń pè ní Paris Club ṣe, èyí tó parí sí oṣù Kẹwàá ọdún 2005: wọ́n fagi lé 18 bílíọ̀nù dọ́là, Nàìjíríà sì san nǹkan bí 12 bílíọ̀nù.